Ìlà Pupa Lẹ́yìn Igba Ọ̀rọ̀

"Ohun tó bá ju igba ọ̀rọ̀ lọ, a kò ní í kà á."

Ojú fóònù ọmọ mi ni mo ti ka ìkìlọ̀ yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti wọ iléèwé gíga ní Ìlaro báyìí, ó sì ń kọ̀wé sí àwọn kan tó ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, ó ń fi ìka pa ọ̀rọ̀ rẹ́ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Mo bi í pé kí ló ń ṣe.

"Màámi, ọ̀rọ̀ mi ló pọ̀ jù. Mò ń gé e láti ìsàlẹ̀."

"Láti ìsàlẹ̀ kẹ̀? Kí ló wà nísàlẹ̀ ọ̀hún?"

Ó tún wo fóònù dáadáa. "Ibẹ̀ ni mo ti sọ ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe fún mi."

Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó mọ̀ pé mo ti gbà á. Ó ń wò mí bí ẹni pé ara mi kò dá. Ọmọ yìí gan-an ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ti ẹ̀ jẹ́ nígbà tó wà ní kékeré, kò sì mọ̀, nítorí mi ò sọ ọ́ fún un ní kíkún rí. Ohun tó mú mi jókòó kọ èyí nìyẹn.

Ní ìgbà tí wọ́n ti ààlà, abúlé oko kan lẹ́yìn Òkè-Ọ̀dàn là ń gbé, lápá ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí. Ilẹ̀ Nàìjíríà ni abúlé wa wà, kì í ṣe òdìkejì. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí àwọn ènìyàn máa ń ṣì í gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ dé, wọn kò dúró sí ojú ààlà gan-an. Àárín abúlé wa àti iléèwé ni wọ́n gbé igi dábùú ọ̀nà sí. Bí àwa ṣe di ará ẹ̀yìn igi nìyẹn: igi ń bẹ níwájú wa, ààlà ń bẹ lẹ́yìn wa.

Àgbàlagbà lè kọjá, bó bá sọ ibi tó ń lọ, tí wọ́n sì tú ẹrù rẹ̀ wò. Ọmọdé kò lè kọjá. Àwọn kan ti ń di ìrẹsì sínú báàgì iléèwé, wọ́n ń fi ọmọdé gbé e kọjá, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì ti rí i. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ní kí ọmọdé kankan má ṣe kọjá láìní ìwé àṣẹ.

Mò ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí mo rí aṣọ iléèwé tó ń padà bọ̀ láti ojú ọ̀nà. Mo rò pé ẹnì kan ti kú ni. Ọmọ mi ló ṣáájú, ó di ọmọ aládùúgbò wa kékeré mú lọ́wọ́, àwọn yòókù tẹ̀ lé wọn.

"Wọ́n ní ká padà," ó ní.

"Ta ló ní kí ẹ padà?"

"Àwọn tó wà nídìí igi. Wọ́n ní ká lọ mú ìwé wá."

"Ìwé wo?"

"Màámi, mi ò mọ̀. Mo fi ìwé ìṣirò mi hàn wọ́n, wọ́n bú sẹ́rìn-ín."

Ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi. JSS kẹta ni ọmọ náà wà, ọdún tí wọ́n máa ṣe ìdánwò láti bọ́ sí kíláàsì àgbà. Kò pẹ́ tí ọ̀gá iléèwé ránṣẹ́ sí gbogbo òbí: ọmọ tí kò bá padà sí kíláàsì kí sáà yìí tó parí, orúkọ rẹ̀ kò ní í sí nínú àwọn tó máa ṣe ìdánwò. Àwọn ìyá kan ní ká máa mú àwọn ọmọ gba ojú ọ̀nà igbó. Mo ní ó di èèwọ̀. Ọmọ wo ló máa sáré wọ inú igbó ní àsìkò tí ẹ̀ṣọ́ ń lé onífàyàwọ́? Ta ló máa dúró béèrè bóyá aṣọ iléèwé ló wọ̀? Mo sọ ọ́ títí wọ́n fi ń pè mí ní Ìyá Má-gba-igbó. Mo gbà. Mo gba orúkọ náà, mi ò gba igbó.

Ohun tó kù ni pé ká kọ̀wé. Abúlé mẹ́ta ló ń rán ọmọ sí iléèwé náà, a sì ní ẹgbẹ́ òbí. Àgbẹ̀ àgbàlagbà kan ni alága wa, Bàbá alága ni gbogbo wa ń pè é. Èmi ni akọ̀wé, nítorí mo ka ìwé mẹ́wàá tán, wọ́n sì ní ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣe é kà. Ọ́fíìsì kan wà ní Ìlaro tí wọ́n ti ń gba ìwé ẹ̀bẹ̀ àwọn abúlé ẹ̀bá ààlà. Ibẹ̀ là ń kọ ọ́ sí.

Ní ilẹ̀ wa, ènìyàn kì í wọ ilé àgbà kó sì la ẹnu béèrè nǹkan lẹ́sẹ̀kan náà. O máa kí i, o máa béèrè ilé, o máa béèrè oko. Bó bá ní kí o jókòó, o máa jókòó. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ ni o tó lè sọ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, nǹkan kan ló gbé mi wá." Bí Bàbá alága ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ ìwé náà fún mi nìyẹn, bí mo sì ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. A kí ọ̀gá ọ́fíìsì, a kí ará ilé rẹ̀, a kí i kú iṣẹ́ ìlú. A dárúkọ baálẹ̀ abúlé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú oyè rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn àgbà tó yí i ká, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé a fojú di òun. A sọ bí àwọn baba ńlá wa ṣe ṣán igbó ibẹ̀. A sọ ti òjò, a sọ ti ẹ̀gẹ́, a sọ ti ìyà. Níparí pátápátá la wá sọ ohun tá a fẹ́. Yorùbá la fi kọ ọ́, kí gbogbo ẹni tó máa fọwọ́ sí i lè gbọ́ ohun tó ń fọwọ́ sí. Nígbà tí mo kà á sókè tán, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá kan tilẹ̀ nu omijé.

Mo gbé e lọ sí Ìlaro fúnra mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló jókòó níbi tí wọ́n ti ń gba ìwé, ó fi báírò pupa há etí.

"Màmá, ẹ ti ka ohun tó wà lára ògiri?"

Mo yíjú, mo kà á. Wọ́n ní ìwé ẹ̀bẹ̀ kò gbọdọ̀ ju igba ọ̀rọ̀ lọ. Wọ́n ní Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó bá wu ènìyàn. Wọ́n ní orúkọ àti ìbuwọ́lù kò sí nínú kíkà.

"Ọ̀gá mi, tiwa fi díẹ̀ jù ú."

Ó gba ìwé náà, ó ṣí ojú kìíní, ó ṣí ẹ̀yìn, ó tún rí ojú ewé kejì. "Màmá, díẹ̀ yìí mà sanra o."

Àwọn tó wà lórí ìlà lẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín. Mo ní kó ṣàánú wa. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú. "Gbogbo abúlé ló ń kọ̀wé. Ọ̀gá ò lè ka gbogbo rẹ̀ tán. Ibi tí igba ọ̀rọ̀ bá parí sí, ibẹ̀ ni wọ́n ń kà dé. Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n fi ibi tó parí sí nínú tiyín hàn yín."

Ó yọ báírò létí, ó fi ẹnu rẹ̀ ń ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tó dé igba, ó fa ìlà pupa kan lábẹ́ rẹ̀, ó sì ti ìwé náà padà sọ́dọ̀ mi.

Mo wo ìlà yẹn. Àárín ìkíni baálẹ̀ abúlé kejì ló bọ́ sí: oyè rẹ̀ wà lókè ìlà, ìyàwó rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Mo padà ka gbogbo ohun tó wà lókè láti ìbẹ̀rẹ̀. Lókè ìlà yẹn, ẹnikẹ́ni kò dá ọmọ kankan padà. Kò sí igi lójú ọ̀nà. Kò sí iléèwé rárá. Àwọn abúlé mẹ́ta kan kàn ń kí ẹnì kan ni.

"Tí ọ̀gá yín bá ka èyí," mo bi í, "kí ni wọ́n máa ṣe?"

Ó rò ó díẹ̀. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Wọ́n á ní ẹ ṣeun. Wọ́n á ní àwọn náà kí yín."

Títí di òní, nígbà tí mo bá rántí gbólóhùn yẹn, ó máa ń ṣe mí bí ẹni tí ilẹ̀ yẹ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀. Mo ti ń fojú inú rí i: ìwé máa dé láti Ìlaro, a máa kóra jọ, Bàbá alága á ní kí n kà á sókè, ohun tó wà nínú rẹ̀ á sì jẹ́ pé wọ́n kí wa.

Mo béèrè ìgbà tí wọ́n máa kó ìwé wọlé fún ọ̀gá. Ó ní ọ̀la lọ́sàn-án, àti pé lẹ́yìn ìyẹn, ó tún di oṣù tó ń bọ̀. Ní oṣù tó ń bọ̀, sáà ti parí.

Mo pe Bàbá alága lórí fóònù láti ibẹ̀. Nígbà tí mo fi máa dé iléèwé, ó ti kó àwọn tó lè tètè wá jọ sínú kíláàsì kan, Tíṣà tó ń kọ́ kíláàsì ọmọ mi sì wà pẹ̀lú wọn. Mo tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, mo fi ìlà pupa hàn wọ́n. Bàbá alága nà án síwájú, nítorí ojú rẹ̀ kò ríran nítòsí.

"Orí ta ló gé?"

"Orí baálẹ̀ abúlé kejì ni, Bàbá."

"Áà! Ó gé baálẹ̀ sí méjì!"

Ọkùnrin kan láti abúlé kejì, tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́, dìde. Bàbá ẹlẹ́rọ là ń pè é. "Kí ló dé tó jẹ́ tiwa? Ọ̀bẹ ò rí tiyín gé?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Mo sọ fún wọn pé ọ̀la lọ́sàn-án ni. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ papọ̀. Bàbá alága na ọwọ́ sókè. "Ṣé ẹ ní ká má kí ènìyàn mọ́ ni? Ká já wọlé onílé bí ewúrẹ́?"

Tíṣà ló dá a lóhùn. "Bàbá, ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ kí yẹn, èrò tó dúró lẹ́yìn yín tó fẹ́ kí i kò lóǹkà. Tẹ́ ẹ bá wà lórí ìkúnlẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n á tilẹ̀kùn."

Mo rántí ohun tó wà lára ògiri, mo sọ fún wọn: orúkọ àti ìbuwọ́lù kò sí nínú kíkà. Kí baálẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé níbi ìbuwọ́lù, pẹ̀lú oyè rẹ̀ lódindi, kó má sì gba ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ́wọ́ wa. Bàbá ẹlẹ́rọ jókòó. Ó ní ìyẹn dára, àti pé níbi ìbuwọ́lù, ìyàwó baálẹ̀ náà máa rí àyè jókòó tì í. Nǹkan bí ìdajì ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù ti lọ nìyẹn, a kò sì tíì ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Mo rò pé a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é tán. Tíṣà ní rárá. Ó ya ewé ìwé, ó pín in fún wa. "Kí kálukú kọ gbólóhùn kan ṣoṣo. Kí la fẹ́ kí ọ́fíìsì yìí ṣe fún wa? Ẹni tí kò bá lè kọ ọ́, kó sọ ọ́ sí akọ̀wé létí."

Ó gba ewé náà padà, ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá alága fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀kadà máa kó ẹ̀gẹ́ kọjá. Bàbá ẹlẹ́rọ fẹ́ kí epo bẹntiróò padà dé ilé epo tó wà nítòsí, nítorí wọn kò já epo sí ẹ̀gbẹ́ ààlà mọ́, ẹ̀rọ rẹ̀ sì ti dákẹ́. Ìyá kan fẹ́ kí wọ́n dá alùpùpù àbúrò rẹ̀ padà. Èmi àti ìyá ọmọ kékeré tí ọmọ mi dì mú lọ́wọ́ nìkan la sọ ti iléèwé.

Ẹnu yà mí. Ìwé kan náà ni mo kà fún gbogbo wọn, wọ́n sì jọ pàtẹ́wọ́ fún un ni, àṣé ti ara rẹ̀ ni kálukú ń gbọ́ nínú rẹ̀. Mo sáré ṣí ewé ìkẹyìn. Lóòótọ́, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà níbẹ̀. Ti àwọn ọmọ ló ṣe ìkẹrin. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ka ìwé náà dé òpin, ẹ̀yìn ọ̀kadà, ẹ̀yìn epo, ẹ̀yìn alùpùpù ẹnì kan ni wọ́n máa tó bá ọmọ mi.

"Igba ọ̀rọ̀ ò lè gbé mẹ́rin," Tíṣà ní. "Tá a bá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àádọ́ta, kò sí èyí tó máa yéni nínú wọn. Ọ̀kan ni."

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá ẹlẹ́rọ ní, "Ṣé ìwé ni àwọn ọmọ yín máa jẹ? Ẹ̀gẹ́ ń rà ní àgbàlá mi!"

"Ọmọ tiyín ńkọ́?" ìyá ọmọ kékeré yẹn bi í. "Àbí òun ti kàwé tán?"

"Ọmọ mi wà nílé, ó ń bá mi lé ewúrẹ́ kúrò nídìí ẹ̀gẹ́ tó ń rà. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ wà?"

Tíṣà béèrè pé èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kò lè dúró di oṣù tó ń bọ̀. Bàbá ẹlẹ́rọ ní ẹ̀gẹ́ ni. Àgbẹ̀ ni Bàbá alága, ti ọ̀kadà tirẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ẹ̀gẹ́ tá a bá ti hú ló ń bàjẹ́. Èyí tó wà nínú ilẹ̀ lè dúró. Kí kálukú dá ọkọ́ dúró, kó fi tirẹ̀ sílẹ̀ nínú ilẹ̀. Sáà iléèwé ni kò ṣe é fi sínú ilẹ̀. Ẹ yọ ti ọ̀kadà mi."

A wo Bàbá ẹlẹ́rọ. Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú fìlà. "Ẹ yọ tèmi náà. Ṣùgbọ́n akọ̀wé, ìwọ lo máa kọ tèmi lóṣù tó ń bọ̀. Igba ọ̀rọ̀ gbáko. Mi ò sì ní í kí ẹnikẹ́ni."

Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ ń lọ. Tíṣà ní kí ohun tí à ń béèrè di gbólóhùn àkọ́kọ́, kí ìlà pupa wá bọ́ síbi tó bá wù ú. Bàbá alága ní ó dà bí ẹni fa ènìyàn láṣọ lójú títì. Wọ́n jọ dúnàá-dúrà, Tíṣà sì gbà kí "Ẹ kú iṣẹ́ o" ṣáájú rẹ̀. A dé ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá tó ṣán igbó. Ó dun Bàbá alága gan-an. Tíṣà bi í pé kí nìdí tó fi fi wọ́n sínú ìwé. Ó ní kí wọ́n lè mọ̀ pé ilẹ̀ wa là ń gbé, a kì í ṣe ará òdìkejì. "Ẹ jẹ́ ká kúkú sọ ìyẹn," Tíṣà ní. A kọ ọ́ pé ilẹ̀ Nàìjíríà ni abúlé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Ìpínrọ̀ kan lọ, iṣẹ́ tó ń ṣe kò lọ.

Ẹnì kan ní ká yọ gbólóhùn tó sọ pé kí àwọn ẹ̀ṣọ́ máa tú báàgì àwọn ọmọ wò, nítorí kò yẹ ká máa rán wọn létí ìrẹsì. Mo ní kó dúró. Wọn kò gbàgbé ìrẹsì. Ìrẹsì ni wọ́n máa rò kí wọ́n tó ka ọ̀rọ̀ kejì. Bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé wa, "rárá" ni wọ́n máa sọ. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe jẹ́ kí ìyẹn wà níbẹ̀, pẹ̀lú pé ọ̀gá iléèwé máa fi orúkọ àti fọ́tò àwọn ọmọ ránṣẹ́. Ibi tá a ti ka ìyà mẹ́ta sílẹ̀, a jẹ́ kí ọ̀kan ṣoṣo kù: pé wọ́n dá àwọn ọmọ padà, àti ohun tí ọ̀gá iléèwé sọ nípa ìdánwò.

Mo kà á. Ó ṣì fi ọ̀rọ̀ márùn-ún ju igba lọ. Ó ti rẹ gbogbo wa. Tíṣà tẹ̀ síwájú, ó fi báírò fa nǹkan kan yọ kíákíá, ó ní, "Ó parí. Igba gééré. Akọ̀wé, ẹ kà á fún wa."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Èmi a máa fi ìka tẹ̀lé ọ̀rọ̀ bí mo bá ń kàwé, wọ́n máa ń fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́. Ìka mi dé gbólóhùn àkọ́kọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ kọjá, "lílọ ní òwúrọ̀ àti bíbọ̀ ní ọ̀sán." Ohun tí mo rí báyìí ni pé kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n kọjá "ní òwúrọ̀."

Ìka mi dúró síbẹ̀.

"Tíṣà," mo ní, "ibo lẹ ní kí ọmọ mi sùn?"

"Kí ni, Màmá?"

"Ẹ ti mú un wá sí iléèwé láàárọ̀. Ibo ló máa sùn lálẹ́?"

Ó gba ìwé náà, ó wò ó, mo sì rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. "Mo rò pé ẹni tó bá lọ máa bọ̀ ni. Mo rò pé ó ti wà nínú rẹ̀."

Kò sí ẹni tó bá a wí. Gbogbo wa la ti ń lo ọ̀nà yẹn láti ọjọ́ tá a ti dáyé, ẹni tó bá lọ máa ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ tó dúró nídìí igi kò mọ̀ wá. Ohun tó wà nínú ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa ṣe. Mo ń rí i: àwọn ọmọ wa lórí ìlà nídìí igi nígbà tí oòrùn ń wọ̀, abúlé wọn wà níwájú wọn, ìwé àṣẹ tí àwa fúnra wa bẹ̀bẹ̀ fún sì ń sọ pé òwúrọ̀ nìkan.

Bàbá ẹlẹ́rọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ ní òdìkejì rí. "Ní Kùtọnu, tí o bá fẹ́ wọkọ̀, wọ́n á ní ṣé alé ni àbí alé-rutúù, lílọ nìkan àbí lílọ àti bíbọ̀. Tíṣà, alé nìkan lẹ rà fún àwọn ọmọ wa."

A rẹ́rìn-ín. A dá ọ̀rọ̀ náà padà, ó wá tún fi márùn-ún pọ̀ jù. Mo tún fi ìka wá a láti òkè. Nísàlẹ̀, mo rí gbólóhùn kan tí Bàbá alága fẹ́ràn púpọ̀: "Ìyà ń jẹ wá gidigidi." Ọ̀rọ̀ márùn-ún.

"Bí a kò bá sọ pé ìyà ń jẹ wá, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀?" ó bi mí.

"Bàbá, a ti sọ pé wọ́n dá ọmọ padà lọ́nà iléèwé. Ẹni tó gbọ́ ìyẹn tí kò mọ̀ pé ìyà ni, kí la fẹ́ sọ fún un?"

Ó gba báírò lọ́wọ́ mi. Òun fúnra rẹ̀ ló fa ìlà lé e.

Lọ́jọ́ kejì, mo ti dé Ìlaro kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn gba ìwé náà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. "Màmá, díẹ̀ yẹn ti gbẹ o." Ó ka ọ̀rọ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Mo di àga mú. Ó fa ìlà pupa rẹ̀. Abẹ́ ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn gan-an ló bọ́ sí, lókè àwọn baálẹ̀ wa.

Ìwé àṣẹ dé kí sáà tó parí. Bàbá alága ní kí n kà á sókè. Ó kúrú. Ó ní kí àwọn ọmọ tí orúkọ wọn wà lọ́wọ́ ọ̀gá iléèwé máa kọjá, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ sì máa tú báàgì wọn wò, lílọ ní òwúrọ̀ àti bíbọ̀ ní ọ̀sán. Mo kà á dé ibẹ̀, mi ò lè ka èyí tó kù. Wọn kò kọ ọ̀rọ̀ tiwọn. Ọ̀rọ̀ tiwa ni wọ́n mú, bó ṣe wà, wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú. Bí a bá kọ òwúrọ̀ nìkan, òwúrọ̀ nìkan ni wọn ì bá lù ní òǹtẹ̀. Tíṣà jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kíláàsì kìíní, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí mú.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n lọ, oòrùn kò tíì dé àárín ọ̀run tí mo ti wà lójú ọ̀nà tí mò ń wò. Bàbá ẹlẹ́rọ wà níbẹ̀ náà, ó ní ewúrẹ́ òun lòun ń wá. Nígbà tí a rí aṣọ iléèwé tó ń yọ lọ́nà jíjìn, àyà mi tún kọ́kọ́ já bíi ti àárọ̀ ọjọ́ kìíní. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé ọ̀sán nìyí, pé bíbọ̀ ni wọ́n ń bọ̀. Ọmọ mi dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní ebi ń pa òun.

Mo kọ ti Bàbá ẹlẹ́rọ lóṣù tó tẹ̀ lé e. Kò kí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ lóòótọ́. Epo kò sì dé títí wọ́n fi ṣí ààlà. Ìwé tó dára kì í fi gbogbo ìgbà rí ohun tó ń wá gbà, mi ò ní í purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé wọ́n ka tirẹ̀, wọ́n sì mọ ohun tó fẹ́.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọmọ mi lórí bẹ́ǹṣì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti gbàgbé ìwé ìṣirò tó fi hàn wọ́n. Ó gba fóònù rẹ̀ padà, ó wá ohun tó ti pa rẹ́, ó gbé e lọ sókè, ó sì pa ìpínrọ̀ tó fi kí wọn rẹ́. Ó ní, "Màámi, ẹ kà á kí ẹ sọ ohun tí mo fẹ́ fún mi." Mo kà á, mo sọ ọ́, ó sì fi ránṣẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ ẹ̀yin tó ń ka èyí kò pọ̀. Bí ọ̀rọ̀ yín bá ti pọ̀ ju ohun tí wọ́n gbà lọ, ẹ má ṣe gé e láti ìsàlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbé ohun tí ẹ ń béèrè lọ sókè. Nígbà tí ẹ bá gé e tán, ẹ fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ kà, kó sọ fún yín ohun tí ẹ fẹ́. Bó bá sọ pé àwọn ọmọ yín máa lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi í bóyá wọ́n máa bọ̀.